Bí A Ṣe Lè Lé Òórùn Èéfín Kúrò Lára Aṣọ àti Àga Tìmùtìmù Lẹ́yìn Iléyá

Ọdún Iléyá ti kọjá, a ti pín ẹran, àlejò ti padà sílé wọn, ṣùgbọ́n èéfín ẹran sísun ṣì wà nínú pálọ̀. Ó wà lára agbádá bàbá, lára híjáàbù ìyá, ó sì wà nínú àga tí àwọn ọmọ ń jókòó lé. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń sáré gbé tùràrí tàbí lọ́fínńdà jáde. Fún wákàtí díẹ̀, ilé á máa ta sánsán, àmọ́ tó bá di ọjọ́ kejì, òórùn àkọ́kọ́ á tún padà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe tí òórùn náà yóò fi lọ pátápátá.

Kí ló ń rùn gan-an?

Èéfín kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Bí ọ̀rá ẹran bá ń kán sórí èédú tó pọ́n, ó máa ń jóná, ó sì ń bá èéfín gòkè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kán òróró kéékèèké tí ojú kò lè rí. Igi àti èédú náà ní oje dúdú tiwọn tó ń bá a jáde, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Nígbà tí gbogbo èyí bá kan aṣọ, á lẹ̀ mọ́ òwú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òróró náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bí òróró tó pẹ́ jù nínú ìgò. Ìdí nìyẹn tí òórùn ọjọ́ kẹta fi máa ń burú ju ti ọjọ́ ọdún gan-an lọ.

Ohun tó wà lára aṣọ yín, òróró àti ìdọ̀tí ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Lọ́fínńdà kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Tùràrí sì rèé, èéfín ni òun fúnra rẹ̀, ó kàn ń fi èéfín mìíràn lé orí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ilé yóò fi mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé

Kí ẹ tó fọ ohunkóhun, ẹ gbé ohun tó ń rùn jáde. Irin tí ẹ fi sun ẹran àti ọ̀rá tó dì mọ́ ọn kò gbọdọ̀ wà nítòsí fèrèsé. Eérú náà gbọ́dọ̀ tutù dáadáa kí ẹ tó dà á nù, nítorí pé ẹyin iná lè wà láàyè lábẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Tí iná bá wà, ẹ gbé fáànù sí ẹnu fèrèsé kan, kí ó kọjú síta kí ó lè máa lé òórùn jáde. Ẹ tú kọ́tìnì kúrò kí ẹ sì fọ̀ ọ́, torí pé aṣọ tó wà lójú fèrèsé ló máa ń kọ́kọ́ gba èéfín.

Aṣọ tó ṣeé fi omi fọ̀

Ẹ gbọn aṣọ dáadáa níta, kí ẹ sì fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pọn omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tó líta 10 sínú garawa, kí ẹ da ààbọ̀ ife bẹkin-sódà sí i, kí ẹ rò ó pọ̀, kí aṣọ sì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Bẹkin-sódà ń pa oró àwọn ohun kíkan tó wà nínú òórùn èéfín. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, torí ọṣẹ ló ń yọ òróró. Tí ẹ bá ń ṣan án lẹ́ẹ̀kẹyìn, ẹ lè da ààbọ̀ ife fínígà funfun sínú garawa omi kan, kó lè yọ ìyókù ọṣẹ àti òórùn. Òórùn fínígà fúnra rẹ̀ á lọ nígbà tí aṣọ bá gbẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta níbí. Àkọ́kọ́, bẹkin-sódà tí a ń sọ ni èyí tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ. Kì í ṣe bẹkin-páúdà, èyí tí wọ́n ti lú mọ́ nǹkan mìíràn, kò sì ní ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Pàápàá jù lọ, kì í ṣe sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ máa ń rà lọ́jà. Ìyẹn lè bó àwọ̀ ara, ó sì lè jẹ aṣọ. Èkejì, ẹ má ṣe da fínígà àti bẹkin-sódà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á hó, àmọ́ wọ́n á pa agbára ara wọn. Ẹ̀kẹta, fínígà kò gbọdọ̀ pàdé bílíìṣì láé, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe ló máa ń jáde.

Ẹ má fi áyọ́nù kan aṣọ náà títí ẹ ó fi mọ̀ dájú pé òórùn ti lọ. Ooru máa ń mú kí òróró tó kù túbọ̀ lẹ̀ mọ́ òwú, pàápàá lára aṣọ tí kì í ṣe òwú gidi, bíi ọ̀pọ̀ híjáàbù. Aṣọ tútù lè tan yín jẹ. Ẹ dúró kó gbẹ pátápátá, kí ẹ wá gbóòórùn abẹ́ apá, ọrùn àti etí rẹ̀. Tó bá ṣì ń rùn, ẹ tún un fọ̀.

Àdìrẹ àti àńkárá tó ń ṣí àwọ̀, omi tútù ni kí ẹ lò. Ẹ dán an wò ní etí kan kí ẹ tó rẹ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì sá a lódì nínú ibòji. Ní ti aṣọ òkè àti léèsì olókùúta, ẹ má rẹ wọ́n. Ẹ fẹ́ wọn sínú afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá kó wọn sínú àpótí tó ní ìdérí pẹ̀lú abọ́ bẹkin-sódà tí ẹ kò dé, títí di ọjọ́ kejì. Tí òórùn bá ṣì wà, ẹ gbé wọn lọ fún alágbàfọ̀ tó ń fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé èéfín ni, kó má baà lọ̀ ọ́ kí ó tó fọ̀ ọ́.

Àga tìmùtìmù

Àga le ju aṣọ lọ, nítorí pé fóòmù inú rẹ̀ máa ń fa òórùn mọ́ra. Tí ìbòrí rẹ̀ bá ní síìpù, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ fọ̀ ọ́ bí aṣọ, kí ẹ sì gbé fóòmù síta nínú afẹ́fẹ́. Ẹ tún dojú àga délẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ rẹ̀ máa ń gba èéfín, àwọn èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀.

Tí ẹ bá rí dúdú èéfín lórí àga, ẹ má ṣe fi aṣọ tútù nù ún, yóò kàn wọlé sí i ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí fà á kúrò láì fi ẹnu rẹ̀ ra àga. Nígbà tí ó bá mọ́, ẹ wọ́n bẹkin-sódà gbígbẹ yí gbogbo rẹ̀ ká, kí ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀, ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ. Ẹ wá fi ẹ̀rọ fà á, tàbí kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò. Ó lè gbà tó ìgbà méjì tàbí mẹ́ta.

Tí òórùn bá ṣì kù, ẹ po ife fínígà kan mọ́ ife omi mẹ́ta, kí ẹ dán an wò lẹ́yìn àga, kí ẹ wá fi aṣọ tí ẹ ti fún dáadáa nù ún lórí fẹ́rẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe da omi sórí fóòmù. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, pàápàá lásìkò òjò. Á bu èbu, òórùn á wá di méjì. Ẹ tẹ fóòmù náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́: tó bá tutù nínú, kò tíì gbẹ.

Àga aláwọ ní tirẹ̀ kò fẹ́ bẹkin-sódà tàbí fínígà. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa nù ún, kí ẹ sì fi èyí tó gbẹ nù ún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan

Ká sọ pé wọ́n sun ẹran lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Àga wọn jẹ́ aláṣọ, agbádá bàbá jẹ́ àńkárá, ìyá sì wọ aṣọ òkè. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n tú kọ́tìnì, wọ́n rẹ ẹ fọ̀, wọ́n sì fi omi tútù fọ agbádá. Wọ́n fẹ́ aṣọ òkè sí ibòji. Ní alẹ́, wọ́n wọ́n bẹkin-sódà sórí àga. Ní àárọ̀ Àìkú, wọ́n gbá a kúrò, wọ́n sì tún wọ́n òmíràn lálẹ́. Ní Ọjọ́ Ajé, àga kò rùn mọ́ àyàfi ní ìgbápálé, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sì fi omi fínígà nù. Agbádá ti gbẹ, àmọ́ ọrùn rẹ̀ ṣì ń rùn, wọ́n tún un fọ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Aṣọ òkè wọ àpótí pẹ̀lú bẹkin-sódà ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Tó bá jẹ́ pé iná gidi ló ṣẹ̀

Èéfín ẹran yàtọ̀ sí èéfín ike, wáyà àti fóòmù tó jóná. Òróró àti oró wà nínú ìyẹn. Fóòmù tí iná tàbí èéfín dúdú nípọn bá kàn, ìrọ̀rí, ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ àti oúnjẹ tí kò ní ìdérí, ẹ da gbogbo wọn nù. Aṣọ tí èéfín nìkan kàn lè gba fífọ̀ ní ìgbà méjì sí mẹ́ta. Ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá náà títí yóò fi mọ́. Bákan náà ni èéfín táyà tí àwọn kan fi ń sun irun ẹran: ó ṣòro láti yọ lára aṣọ, ó sì ń wọ ara ẹran tí ẹ fẹ́ jẹ.

Fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ gbé iná jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ kíyè sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn apá ibẹ̀. Tí òjò bá dé, ẹ má ṣe gbé èédú tó ń jó wọlé. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò rùn rárá, ó sì máa ń pa èèyàn sójú oorun.