Kóńgò Mélòó Lẹ Ń Lọ̀ Lọ́sẹ̀? Lẹ́tà Àkọ̀wé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Lórí Ẹ̀rọ Ìlọ-àgbàdo

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́,

Ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí ìgbìmọ̀ dá a lábàá pé ká dáwó jọ ra ẹ̀rọ tí yóò máa lọ àgbàdo, ọkà bàbà àti èlùbọ́ fún wa, ariwo pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù. Àwọn mìíràn ní ṣé ẹnì kan sọ pé àwọn ò ríbi lọ àgbàdo ni? Alága wá ní kí n fi ìwé ṣàlàyé rẹ̀, kí olúkúlùkù lè rò ó dáadáa nílé, kí ẹni tí kò bá mọ̀wé sì jẹ́ kí ọmọ kà á sí òun létí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó tó ń bọ́ lápò wa lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé abúlé wa ní Òkè Ògùn níbí kò ní ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan gbígbẹ. Ìlú tó wà lójú títì là ń gbé e lọ, ₦150 ni wọ́n sì ń gbà lórí kóńgò kan. Ìyá tó bá gbé kóńgò mẹ́rin lọ yóò san ₦600 fún onílọ, yóò tún san ₦600 fún ọlọ́kadà ní àlọ àti àbọ̀. Ọlọ́kadà tí kò fọwọ́ kan àgbàdo ń gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó lọ̀ ọ́! Ilé ọgọ́ta ni a jẹ́ nínú ẹgbẹ́. Ká tilẹ̀ sọ pé ìdajì wa péré ló ń gun ọ̀kadà, kí ìdajì tó kù máa fẹsẹ̀ rìn, owó ọ̀kadà nìkan yóò jẹ́ ₦18,000 lọ́sẹ̀ kan. Bí ọdún bá fi máa yí po, ó ti di ₦936,000. Ẹ rántí iye yìí, nítorí owó ẹ̀rọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti àtíbàbà tí a ó kọ́ lé e lórí, ₦1,500,000 ni gbogbo rẹ̀ nínú ìwé iye owó tí wọ́n kọ fún wa.

Irú ẹ̀rọ wo ni? Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí ẹ̀yin ìyá mọ̀ dunjú nídìí ata: awo irin méjì tó dojú kọ ara wọn, ọ̀kan dúró, èkejì ń yí, a ó sì máa fi ìdè kan fún wọn mọ́ra títí ohun tí à ń lọ̀ yóò fi kúnná. Èyí dára fún ohun tútù, ata, ẹ̀wà rírẹ àti àgbàdo ògì. Ṣùgbọ́n bí awo rẹ̀ bá ń fi ara ha ara, irin yóò máa bó sínú oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó fi irin òòfà, irú èyí tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́, fà kọjá nínú ìyẹ̀fun gbígbẹ tó ti ibẹ̀ wá, kó wo ohun dúdú tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Èkejì ni ẹ̀rọ olóòlù, òun sì ni ìgbìmọ̀ fara mọ́. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn irin pẹlẹbẹ tí à ń pè ní òòlù so mọ́ ọ̀pá kan tó ń yí kíkankíkan, wọ́n á máa lu àgbàdo títí yóò fi kúnná tó láti bọ́ gba ojú asẹ́ irin tó wà nísàlẹ̀. Asẹ́ yìí ló ń sọ bí ìyẹ̀fun yóò ṣe rí. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ bíi mìlímítà kan, ìyẹ̀fun tó ṣe é rò ló máa jáde. Bí ó bá fẹ̀ tó mẹ́ta, oúnjẹ adìyẹ ni. Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ẹ̀rọ kan náà ni, asẹ́ nìkan la ó pààrọ̀.

Mi ò ní tàn yín: ẹ̀rọ olóòlù kì í lọ nǹkan tútù. Ẹni tó bá gbé àgbàdo ògì wá, ẹ̀rọ yìí kò wúlò fún un, yóò ṣì máa lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Kódà àgbàdo tí kò gbẹ dénú yóò dí ojú asẹ́ pa, ìyẹ̀fun yóò máa gbóná, yóò sì máa lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ ti gbẹ, kó fi eyín pa á: èyí tó gbẹ á fọ́ kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kò gbẹ á tẹ̀ kó tó fọ́. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀, nítorí òkúta kan tàbí ìṣó kan tó ya asẹ́, kì í ṣe ìyẹ̀fun ẹni tó gbé e wá nìkan ló bàjẹ́.

Ní ti epo, dísù ni ẹ́ńjìnnì náà ń mu. Mi ò fẹ́ ẹ̀rọ oníná, nítorí ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe ní àdúgbò wa. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí pépé, tí òòlù sì mú, lítà dísù kan yẹ kó lọ kóńgò bíi àádọ́ta. Ní iye tí à ń ra dísù, epo tó wọnú kóńgò kan kò ju ₦25 lọ. Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ yóò gba ₦35 lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Mo fara mọ́ èyí ju owó oṣù lọ, nítorí bí kò bá sí ìlọ̀, kò sí owó. Ọ́ìlì, bẹ́líìtì, òòlù àti asẹ́ yóò gba ₦20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦80. Bí àwa náà bá ń gba ₦150 bí wọ́n ṣe ń gbà níta, ₦70 ló máa kù fún ẹgbẹ́ lórí kóńgò kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n á rí ₦70 yẹn, wọ́n á pè é ní èrè, wọ́n á pín in jẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹnu á ṣílẹ̀. Ẹ̀rọ ń gbó bí bàtà ṣe ń gbó, yálà a kà á sí tàbí a kò kà á sí. Nítorí náà, a ó máa yọ ₦200,000 sápá kan lọ́dún, kí a lè rà òmíràn ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí i. A ó tún yọ ₦100,000 fún mẹkáníìkì àti ìnáwó òjijì. Àpapọ̀ jẹ́ ₦300,000. Bí a bá fi ₦70 pín in, a ó rí i pé a gbọ́dọ̀ lọ kóńgò bíi 4,290 lọ́dún, ìyẹn bíi 83 lọ́sẹ̀, kí a tó lè sọ pé a kò jẹ gbèsè. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn ni èrè.

Bí ilé ọgọ́ta bá ń lọ kóńgò mẹ́rin mẹ́rin, 240 ni lọ́sẹ̀, èrè tó máa wọlé lọ́dún á sì lé ní ₦570,000. Owó tí a fi rà á á ti padà kí ọdún mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbàdo àná bá ti tán, tí tuntun ò sì tíì gbó, ọwọ́ á dín. Bí ó bá jẹ́ 150 ni a ń rí lọ́sẹ̀ tí a bá pa ọdún pọ̀, èrè á já sí ₦246,000, owó wa ò sì ní padà tán àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rọ kan náà ni o, owó ìlọ kan náà. Iye kóńgò ló yàtọ̀.

Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi rọ́pò ojú ni ìwé méjì: ọ̀kan fún kóńgò, ọ̀kan fún dísù. Akápò á ka méjèèjì pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Bí dísù lítà mẹ́wàá bá ti lọ, 500 kóńgò ló yẹ kí a rí, tàbí nǹkan tó súnmọ́ ọn. Bí ìwé bá ní 300, ohun kan ń ṣẹlẹ̀: yálà owó ń jò, tàbí ẹ̀rọ ń ṣàìsàn. A ó kọ́kọ́ wo òòlù kí a tó fẹ̀sùn kan ọmọ ènìyàn. Òòlù tó ti gbó máa ń yí bírípó létí, ìlọ̀ á máa falẹ̀, epo á sì máa pọ̀ sí i. Òòlù kan ní igun mẹ́rin; bí igun kan bá gbó, a ó yí i sí òmíràn kí a tó ra tuntun. Gbogbo wọn la ó sì yí pa pọ̀, nítorí bí apá kan bá wúwo ju apá kejì lọ, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n rìrì títí yóò fi já ara rẹ̀.

Ní ti àwìn, kò sí. Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn kan, pàápàá nígbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n onídísù kò ní tà fún wa láwìn, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ bí ó ṣe máa ń rí láti lọ kan ilẹ̀kùn ìyá ẹni nítorí ₦600.

Èrè ńkọ́? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí á pín in gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ṣe lọ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ṣe dáwó nìkan. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́dún 1844, fi í ṣe òfin pé iye tí ènìyàn bá rà ni a ó fi pín èrè fún un. Ní ìlú náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀rọ ìlọ ọkà àjọní sílẹ̀ lọ́dún 1850, òun náà sì kọ́kọ́ pàdánù owó kó tó gbérí. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, ìyá tó ń lọ kóńgò mẹ́fà lọ́sẹ̀, tí kò sì ní oko ńlá, kò ní máa fi owó rẹ̀ bọ́ ẹni tó dáwó tán tó lọ jókòó sílé.

₦25,000 ni ìpín ilé kọ̀ọ̀kan. A lè san án ní ₦5,000 lóṣù kan fún oṣù márùn-ún, akápò á sì kọ ọ́ sínú ìwé olúkúlùkù.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú owó wá, nǹkan kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kọ iye kóńgò tí ilé yín ń lọ̀ lọ́sẹ̀ sínú ìwé pélébé, ọ̀tọ̀ ni ti ìgbà ìkórè, ọ̀tọ̀ ni ti ìgbà ọ̀wọ́n, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ó máa dùn mọ́ àwa ìgbìmọ̀. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí kò pé 120 lọ́sẹ̀, èmi àkọ̀wé ni màá kọ́kọ́ nawọ́ pé ká má rà á. Bí ó bá lé ní 150, ẹ wá pẹ̀lú ₦5,000 àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àkọ̀wé Ẹgbẹ́