Ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ìwé àdéhùn

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Agége, ₦600,000 lọ́dún, tí lánlọ́ọ̀dù ní dandan kẹ́ ẹ san ti ọdún méjì. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ò gbà á láyè láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

Àmọ́ àtúnṣe ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ pé òrùlé tó bá ń jò àti ògiri tó bá sán, ti lánlọ́ọ̀dù ni; kùn àti iná inú ṣọ́ọ̀bù, tiyín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ná ₦400,000 sórí táìsì, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ rẹ̀ lórí ìwé. Tó bá ní kẹ́ ẹ kó jáde lọ́la, ìwé yẹn lẹ máa fi béèrè owó yín, àyàfi tí àdéhùn bá ti sọ pé kò sí èyí.

"Mi ò ní í lé yín" kì í ṣe àdéhùn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ lè tún un gbà fún ọdún kan sí i, ní ₦660,000, tẹ́ ẹ bá fi lẹ́tà sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta kí ọdún tó pé. Ẹ sàmì sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà: tó bá kọjá, ẹ̀tọ́ yín ti lọ nìyẹn.