Wákàtí Mélòó Ló Ti Kọjá?

Ẹ jẹ́ ká ní kọ́ńdọ̀mù ya mọ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan lọ́wọ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé, kò sì fẹ́ oyún mìíràn. Ọjọ́ kejìlá rèé tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sì ni oṣù rẹ̀ máa ń gbà kó tó yípo. Omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń júwe kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí inú ikùn ni ohun téèyàn bá mu ń lọ, kò dé ibi tí àtọ̀ wà.

Pọstínọ̀ ló kọ́kọ́ máa rí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Bí hóró méjì bá wà nínú páálí rẹ̀, kó lo méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ oògùn yìí ni kó dá ẹyin dúró kó má tíì jáde, kí àtọ̀ tó lè gbé ọjọ́ márùn-ún nínú obìnrin má bàa bá a. Kì í ṣẹ́yún, kò sì ba oyún tó ti dúró jẹ́. Alẹ́ Túsìdeè ni wákàtí méjìléláàádọ́rin pé, ṣùgbọ́n bó bá ṣe tètè lò ó tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Bó bá bì láàárín wákàtí méjì, kó lo òmíràn. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti wárápá kan wà tó ń sọ ọ́ di aláìlágbára, ó sì lè má ràn obìnrin tó sanra dáadáa tó bó ṣe yẹ. Kí àwọn wọ̀nyí sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ibi tó ti ṣòro fún ìyá yìí ni pé ẹyin rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Bí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí tì í jáde, Pọstínọ̀ kò lè dá a dúró mọ́. Ulipirísítà, hóró kan ṣoṣo, lágbára díẹ̀ sí i nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé lò títí di alẹ́ Tọ́sìdeè, tíí ṣe ọjọ́ karùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ẹyin bá ti jáde tán, òun náà kò rí nǹkan ṣe.

Lúùpù oníbàbà ni èmi ì bá ní kó lọ gbà. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ló ń fi í sínú ilé ọmọ láàárín ọjọ́ márùn-ún náà. Bàbà ara rẹ̀ ń pa agbára àtọ̀ kó tó pàdé ẹyin. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó bá gbà á, kì í pé ẹnì kan tó máa lóyún, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí àrùn bá wà nínú ilé ọmọ, a kì í fi í síbẹ̀.

Hóró oògùn kò bo ìbálòpọ̀ tó bá tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó ń dènà kòkòrò HIV nínú gbogbo wọn. Bí nǹkan oṣù bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ pẹ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún. Bí inú ìsàlẹ̀ bá ń ro yín kíkankíkan, ẹ sáré lọ sí ọsibítù.