Èwo La Ó Pè Ní u?

Ìṣirò kan nìyí tó máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìntẹgiréṣọ̀n, láti 0 dé 4:

∫ x√(x² + 9) dx

Ohun méjì ni a sọ di púpọ̀ níbẹ̀. Kò sí òfin kankan tó gbà wá láyè láti wá ìntẹ́gírà x lọ́tọ̀, ká wá ti rúùtù lọ́tọ̀, ká sì wá sọ èsì méjèèjì di púpọ̀. Àwọn olùkọ́ kan a ní kí ọmọ ṣáà mú u kan, kó dán an wò. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ti sọ èyí tó yẹ ká mú.

Ẹ wo inú rúùtù: x² + 9 ló wà níbẹ̀, dẹrífátífù rẹ̀ sì ni 2x. Ẹ wá wo ìta: x ló dúró níbẹ̀. 2 nìkan ló kù kó pé, 2 kò sì lè dí wa lọ́wọ́, torí nọ́ńbà lásán lè gba àmì ìntẹ́gírà kọjá wọlé tàbí jáde. A ó mú 2 wọlé, a ó sì fi ½ síta kí iye rẹ̀ má baà yí padà. Nítorí náà, x² + 9 ni u.

Ìdí tí èyí fi tọ́ ni pé nígbà tí a bá ń wá dẹrífátífù fọ́ńṣọ̀n tó wà nínú fọ́ńṣọ̀n mìíràn, a máa ń ṣe ti òde, a ó sì fi dẹrífátífù ti inú sọ ọ́ di púpọ̀. x tó dúró níta yẹn ni ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fi sílẹ̀, àwa sì ń bá a padà síbi tó ti wá. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí Leibniz bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1675, ∫ àti dx, ló jẹ́ kí ojú tètè rí i: bí u bá jẹ́ x² + 9, du = 2x dx, x dx sì di ½ du.

Ààlà náà gbọ́dọ̀ yí padà. Nígbà tí x jẹ́ 0, u jẹ́ 9. Nígbà tí x jẹ́ 4, u jẹ́ 25. Ohun tó kù wá di:

½ ∫ √u du, láti 9 dé 25

Èyí jẹ́ ⅓(125 − 27), tíí ṣe 98/3, ó lé díẹ̀ ní 32.

Ẹni tó bá gbàgbé ààlà, tó fi 0 àti 4 sí ipò u, yóò rí 8/3, kò tiẹ̀ tó 3. Kò dìgbà tí olùkọ́ bá máàkì í kó tó mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. √(x² + 9) kì í kéré sí 3, nítorí náà ìlà wa kò lè wá sísàlẹ̀ ìlà 3x. Láti 0 dé 4, onígun mẹ́ta tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 4, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 12, ló wà lábẹ́ 3x, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ 24. Èsì wa kò lè kéré sí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá yọ x ti ìta kúrò, kó ku ∫ √(x² + 9) dx. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á tún pe x² + 9 ní u, wọ́n á rí i pé dx jẹ́ du/(2x), wọ́n á sì gbé 1/(2x) síta bíi pé nọ́ńbà lásán ni. x kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Bí u ti ń yí ni òun náà ń yí. Èsì tí wọ́n máa ń kọ ni (x² + 9)^(3/2)/(3x). Ẹ wá dẹrífátífù rẹ̀ wò: √(x² + 9) yóò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n (x² + 9)^(3/2)/(3x²) yóò tún jáde, tí a ó yọ kúrò lára rẹ̀. Àṣìṣe náà ti hàn. Ìṣirò yìí ní ìdáhùn, àmọ́ ọ̀nà mìíràn la ó gbà dé ibẹ̀, bíi kí a fi 3 tan θ rọ́pò x.

Bó bá wá jẹ́ x³ ló wà níta ńkọ́? Ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ pín x³ sí x² àti x. Ẹ fi x kan fún du, kí ẹ sì kọ x² gẹ́gẹ́ bí u − 9, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Yóò di ½ ∫ (u − 9)√u du, èyí tí ẹnikẹ́ni lè parí: láti 9 dé 25, 1412/5 ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ x² ló wà níta, lẹ́yìn tí a bá ti fi x kan fún du, x kan ṣoṣo ló kù. √(u − 9) la ó fi rọ́pò rẹ̀, rúùtù kan tí a bá níbẹ̀ yóò sì di méjì.