Bí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Àyálò Ṣe Ń Yí Padà: Gárèjì, Ráńdéfú, Ṣáńpú

Ẹ dúró sí Mílè Tú ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kí ẹ ní kí wọ́n júwe gárèjì fún yín. Ibi tí ọkọ̀ Bàdágírì àti ti Sẹ̀mẹ̀ ti ń kó èrò ni wọn yóò nawọ́ sí. Bí ẹ bá béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ará Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni yàrá tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tàbí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣì í. Ọ̀rọ̀ kan náà ló dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ọ̀nà tó gbà dé ni kò dọ́gba.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yá gárèjì ni. Ọwọ́ Faransé ló ti gbà á ní nǹkan bí ọdún 1902, nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Lọ́dọ̀ Faransé, inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló ti wá, èyí tó túmọ̀ sí pé kí a gbé nǹkan kúrò lójú ọ̀nà, kí a fi í síbi ààbò, wọ́n sì ti ń lò ó fún ọkọ̀ ojú omi kí mọ́tò tó dé ayé. Gẹ̀ẹ́sì mú apá tó kan mọ́tò nìkan. Ní ìlú wọn, wọ́n tún ń pe ibi tí bọ́ọ̀sì ńláńlá ń sùn mọ́jú ní gárèjì. Ìtumọ̀ yìí ló sún mọ́ tiwa jù, nítorí pé ní àkókò tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ èdè wa, àwọn tó ní yàrá mọ́tò nílé kò pọ̀, ṣùgbọ́n tẹrútọmọ ló ń wọ ọkọ̀ èrò. Ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí di ibi tí èrò ti ń wọkọ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti rí “ọmọ gárèjì”, orúkọ tí a ń pe ẹni tí ìwà àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ le, bí kò tilẹ̀ tíì sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kó èrò rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àyálò tó yí ìtumọ̀ padà ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó yá ọ̀rọ̀ kì í yá gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tó ti gbọ́ ọ ló ń yá: àwọn tó ń sọ ọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ àti ohun tó wà níwájú wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti kúrò nílé, gbòǹgbò rẹ̀ kò hàn sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Tí Yorùbá bá gbọ́ “ìpàdé”, ó ń gbọ́ “pàdé” nínú rẹ̀, kò sì lè fi í pe ọṣẹ láéláé. Kò sí irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́rùn ọ̀rọ̀ àyálò, ibi tí iṣẹ́ bá gbé e lọ náà ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lára ráńdéfú. Ní èdè Faransé, àṣẹ ni ní ìbẹ̀rẹ̀: “ẹ fi ara yín hàn.” Faransé ti sọ àṣẹ náà di orúkọ ibi ìpàdé kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àárín àwọn ológun ló ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ibi tí ọmọ ogun tàbí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó jọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í pè. Díẹ̀díẹ̀ ló kúrò lágọ̀ọ́ ogun, tó di ibikíbi tí èèyàn méjì ti jọ ṣàdéhùn láti pàdé. Ní ìlú Èkó, orúkọ tó bá ilé ìgbafẹ́ mu ni, ibi tí ọtí tutù àti ẹran sísun wà.

Ṣùgbọ́n ẹ wọkọ̀ ní Mílè Tú yẹn kan náà, kí ẹ gba ojú ọ̀nà Bàdágírì kọjá Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnu. Faransé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ẹ ní ráńdéfú ní aago mẹ́wàá ọ̀la, kì í ṣe fàájì ló ń pè yín sí. Ọjọ́ àti aago tí dókítà yóò rí yín ló ń sọ. Lọ́dọ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni: ti dókítà, ti báńkì, ti onídìrí. Àwọn Yorùbá tó ń gbé lápá ibẹ̀ ń fi í sínú ọ̀rọ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Yorùbá méjì lè jókòó, kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ kan náà, kí ọ̀kan máa ronú ilé ọtí, kí èkejì máa ronú ilé ìwòsàn.

Ìrìn ṣáńpú jìn ju èyí lọ, a sì mọ ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Òun náà jẹ́ àṣẹ nílé tó ti wá. Ní èdè Híńdì ti ilẹ̀ Íńdíà, “ṣáńpo” túmọ̀ sí “tẹ̀ ẹ́, fún un mọ́lẹ̀”. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá ń fọwọ́ tẹ ara èèyàn kí ó lè dẹ̀ nìyẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Íńdíà gbọ́ àṣẹ náà, wọ́n rí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi àṣẹ pe iṣẹ́. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1762, ara títẹ̀ ni ṣáńpú. Kò sí irun níbẹ̀, kò sì sí ọṣẹ.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sake Dean Mahomed ló mú un gbajúmọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Pátínà ní Íńdíà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1759. Òun àti Jane ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ìwẹ̀ olóoru sí ìlú Bíráítìn tó wà létí òkun. Oníbàárà á jókòó sínú àgọ́ aṣọ kékeré tí ooru omi àti ewé ti kún inú rẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì na ọwọ́ wọlé láti ìta, á máa tẹ̀ ẹ́ lára. Ìtẹ̀lára yẹn ni wọ́n ń pè ní ṣáńpú. Ọba George Kẹrin gbà á, ó sì fi Mahomed ṣe oníṣẹ́ abẹ ṣáńpú ààfin, oyè tí ẹ̀rín máa pa oníbàárà òní bí ó bá gbọ́ ọ.

Báwo ló ṣe wá di ti irun? Inú ilé ìwẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà, kò jáde. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ara ni wọ́n ń tẹ orí, ibi tí orí títẹ̀ wà ni ọṣẹ àti omi wà. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1860, orí fífọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ṣáńpú. Kò pẹ́ sí i, orúkọ náà bọ́ sórí ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Kò sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni fò láti ara títẹ̀ lọ sórí ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ohun tó jọ wà lójú kan ni orúkọ náà ń sún láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Inú ìgò ló wà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Àgbójú, kí ẹ wo iṣẹ́ náà: onídìrí á da ṣáńpú sí àtẹ́lẹwọ́, á fi í ra irun, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọmọ ìka tẹ awọ orí láti iwájú dé ìpàkọ́ títí ìfófòó yóò fi pọ̀. Ìtẹ̀ yẹn ni ṣáńpú àkọ́kọ́. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti fi í sílẹ̀, ó ti lọ bá ìgò. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò pàápàá ń ra ṣáńpú mọ́tò báyìí, níbi tí kò ti sí orí tí wọn yóò tẹ̀.

Nígbà mìíràn, orúkọ á dúró síbi tó wà, iṣẹ́ ló máa ń kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo fọganáísà. Orúkọ Fúlíkánì, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ iṣẹ́ náà: kí a po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, kí a sì fi ooru mú un kó le, ìmọ̀ tí Charles Goodyear rí ní ọdún 1839. Fọganáísà àtijọ́ máa ń fi rọ́bà tútù lé ojú ihò tí táyà jò, á fi irin há a, á sì dáná sí i títí yóò fi jinná mọ́ ọn. Orúkọ bá iṣẹ́ mu nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn á ri táyà bọ inú ọpọ́n omi, wọ́n á wo ibi tí omi ti ń hó, wọ́n á sì fi gọ́ọ̀mù lẹ páàṣì mọ́ ọn láìdá iná kankan. Orúkọ òrìṣà iná ṣì wà lórí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fẹ́sítáàkì: orúkọ àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú tó wáyé láti 15 Oṣù Kìíní sí 12 Oṣù Kejì ọdún 1977 ni. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn àlejò àjọ̀dún náà. Àjọ̀dún parí, ìlú ló jogún orúkọ.

Bí ẹ bá fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ kan, ìbéèrè mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́: ta ló kọ́kọ́ yá a, níbo? Kí ni ó rí níwájú rẹ̀ nígbà náà? Kí ló ti kúrò níbẹ̀ látìgbà yẹn? Ẹ dán an wò lára àfẹ́níù tó wà nínú àdírẹ́sì Fẹ́sítáàkì. Gbòǹgbò rẹ̀ nílẹ̀ Faransé ni “dé”. Gẹ̀ẹ́sì yá a ní nǹkan bí ọdún 1600 fún ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ibì kan. Nígbà tó yá, ó di ọ̀nà tí igi tò sí lọ́tùn-ún lósì títí dé ẹnu ilé ọlọ́lá. Àwọn ará Amẹ́ríkà wo bó ṣe fẹ̀ tó, wọ́n gbàgbé ilé ọlọ́lá náà, wọ́n sì fi í pe títì ńlá àárín ìlú. Títì ńlá yẹn ni Fẹ́sítáàkì gbà, tó sì fún ní nọ́ńbà láti ìkíní lọ.

Ìjọra nìkan kò tó láti dá ẹjọ́. Íńdíà ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá ti wá, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà lè búra pé èdè Íńdíà ni. Irọ́ ni. Orúkọ Buba Marwa ni, ológun tó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, tí kẹ̀kẹ́ náà wọ Èkó nígbà ayé ìjọba rẹ̀. Ìwé tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀ àti ẹni tó wà níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe dún létí.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa fi gbòǹgbò dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́bi. Bí ẹnìkan bá sọ pé àwa kò mọ ìtumọ̀ gárèjì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ìtumọ̀ ṣáńpú. Gbòǹgbò ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí lónìí, ọwọ́ àwọn tó ń fi í ṣe òwò àti ìrìn àjò lójoojúmọ́ ló wà.