Sáfà Ìdánwò Tó Tú Àṣírí Oníbàárà Patreon

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, Jack Conte kọ ìwé sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Òun wà lára àwọn tó dá Patreon sílẹ̀ ní San Francisco ní 2013, ìyẹn ìkànnì tí àwọn èèyàn ti máa ń dá owó fún olórin, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé tí wọ́n fẹ́ràn. Kò fi bọpobọyọ̀ rárá. Ó ní àwọn kan ti wọlé láìgbàṣẹ ní ọjọ́ 28, wọ́n sì ti rí orúkọ àwọn oníbàárà, ímeèlì wọn, àti àdírẹ́sì ilé àwọn kan.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé. Kí ìkànnì tó gbé nǹkan tuntun jáde, àwọn tó ń kọ ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò níbòmíràn. Wọ́n á gbé sáfà kan kalẹ̀ fún ìdánwò, wọ́n á sì da ìwífún sínú rẹ̀ kó lè ṣe bíi ti gidi. Ohun tó yá jù ni kí wọ́n ṣe ẹ̀dà àká ìwífún tòótọ́, pẹ̀lú gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sórí sáfà ìdánwò. Ohun tí Patreon ṣe nìyẹn. Sáfà ìdánwò ọ̀hún wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irinṣẹ́ ìwá-àṣìṣe kan tó ń jẹ́ Werkzeug sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ètò bá kọsẹ̀, irinṣẹ́ yìí máa ń ṣí àyè sílẹ̀ lójú ìwé náà tí èèyàn ti lè tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ nìkan ló wà, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Nígbà yẹn, bó bá wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá ṣalábàápàdé rẹ̀ lè pàṣẹ fún sáfà náà bó ṣe fẹ́. Ilé iṣẹ́ ààbò kan, Detectify, sọ lẹ́yìn náà pé ọjọ́ márùn-ún ṣáájú làwọn ti kìlọ̀ fún Patreon nípa rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn olè fi da nǹkan bíi gìgábáìtì 15 síta fún aráyé. Ímeèlì tó wà nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2.3, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ síra wọn sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ mílíọ̀nù. Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé inú ẹ̀dà kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà, síbẹ̀ ohun tó dé bá páásíwọọ̀dù yàtọ̀ sí ohun tó dé bá nọ́ńbà ìjọba, èyí tó dé bá orúkọ àti ímeèlì sì tún yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí páásíwọọ̀dù. Patreon kò tọ́jú páásíwọọ̀dù ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n tọ́jú ni àbájáde ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní háàṣì. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ kan sínú ìṣirò yìí, òǹkà àti lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀ ni yóò jáde, kò sì sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yí i padà sí ọ̀rọ̀ tó ti wá. Lọ́jọ́ tí o bá tún wọlé, ìkànnì á ṣe ìṣirò kan náà lórí ohun tí o tẹ̀, á sì wò ó bóyá àbájáde rẹ̀ bá èyí tó wà nílẹ̀ mu. Èyí tí Patreon lò ni bcrypt, tí Niels Provos àti David Mazières gbé jáde ní 1999. Bí a bá fi abc123xyz sínú bcrypt, ohun kan tó lè jáde nìyí:

```
$2a$12$R9h/cIPz0gi.URNNX3kh2OPST9/PgBkqquzi.Ss7KIUgO2t0jWMUW
```

2a ń sọ ẹ̀yà bcrypt tí wọ́n lò. 12 tó tẹ̀ lé e ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó: ìgbà 4,096 ni bcrypt yóò tún ìpele tó nira jù nínú ìṣirò náà ṣe. Bí a bá fi ẹyọ kan kún un, tó di 13, iṣẹ́ náà á di ìlọ́po méjì. Àmì 22 tó tẹ̀ lé e ni àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní iyọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá tiẹ̀ lo páásíwọọ̀dù kan náà, háàṣì wọn kò ní jọra. Àmì 31 tó kù ni àbájáde gan-an.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi gbọ́dọ̀ le ni pé olè kì í gbìyànjú láti yí háàṣì padà. Ńṣe ló ń méfò. Á mú àkójọ páásíwọọ̀dù tí aráyé fẹ́ràn, á háàṣì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa fi wé ohun tó jí. Lórí ìṣirò tó yára bíi SHA-256, káàdì géèmù kan tó dára lè méfò ju bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí bcrypt tó wà ní 12, káàdì kan náà kò ní lè ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó fi 123456 ṣe páásíwọọ̀dù kò rí ààbò kankan níbẹ̀, torí pé òun ni olè máa kọ́kọ́ dánwò. Ọ̀nà kan sì wà tí ẹ̀yin òǹkàwé lè fi mọ ìkànnì tí kì í ṣe háàṣì. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbàgbé páásíwọọ̀dù yín. Bó bá fi èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, a jẹ́ pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ síbi tí wọ́n ti lè kà á.

Nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ọmọ ìlú mọ̀ àti fọ́ọ̀mù owó orí kò ṣeé háàṣì bẹ́ẹ̀, nítorí Patreon ní láti tún kà wọ́n nígbà tí àkókò owó orí bá tó. Irú ìwífún báyìí ni a ń fi kọ́kọ́rọ́ tì, òpó kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì sì lè ní ìtìpa tirẹ̀: òpó orúkọ á ṣeé kà, òpó nọ́ńbà á sì dà bí ọ̀rọ̀ àwọn àǹjọ̀nnú. Conte ní RSA oníbíìtì 2048 làwọn fi tì í. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni RSA ní, ọ̀kan fún títì, èkejì fún ṣíṣí. Ó dà bíi kóló tí a ń kó owó sí: gbogbo ọmọ ilé lè ti owó bọ ojú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba ojú ihò yẹn yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ títì nìkan ló yẹ kó wà lórí sáfà tí aráyé ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tó ń ṣí gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn. Àwọn olè yìí kó kóòdù ètò Patreon náà lọ, tó bá sì jẹ́ pé inú kóòdù yẹn ni wọ́n kọ kọ́kọ́rọ́ ṣíṣí sí, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń ṣe, àṣedànù ni gbogbo ìtìpa yẹn ì bá já sí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí nítorí àwa tí a ń gbé Nàìjíríà, tí a ń fún báńkì, ilé iṣẹ́ fóònù àti iléèwé ní NIN wa. Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ti fi SHA-256 háàṣì NIN, wọ́n ti dáàbò bò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òǹkà 11 péré ni NIN, torí náà gbogbo NIN tó lè wà láyé kò ju bílíọ̀nù 100 lọ. Káàdì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan máa gbìyànjú gbogbo wọn tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí nọ́ńbà fóònù ṣe rí náà nìyẹn, kódà tirẹ̀ kéré sí i. Títì ló tọ́ sí irú ìwífún yìí, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Orúkọ, ímeèlì, àdírẹ́sì ilé àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kò ní háàṣì, wọn kò ní ìtìpa. Bí olè ṣe kó wọn ló ṣe ń kà wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn oníbàárà Patreon bẹ̀rẹ̀ sí í rí ímeèlì ìhàlẹ̀ tó ní kí wọ́n san bitcoin kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, wọ́n á tú nọ́ńbà ìjọba wọn síta. Ímeèlì tí wọ́n jí nìkan ti tó láti fi dẹ́rù bà wọ́n.

Ìkànnì tòótọ́ nílò àwọn ìwífún wọ̀nyí kó tó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ni sáfà ìdánwò fẹ́ fi orúkọ tòótọ́ ṣe? Ẹni tó ń dán bọ́tìnnì ìsanwó wò nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà, ó nílò kí iye owó wọn àti déètì wọn jọ ti gidi, kò sì nílò láti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Torí náà, wọ́n máa ń pa ojú ẹ̀dà dà kó tó kúrò níbi tí àká tòótọ́ wà:

```sql
UPDATE users
SET email = 'user' || id || '@example.com',
    full_name = 'Onibara ' || id,
    phone = NULL,
    address = NULL;
TRUNCATE messages;
```

Wọ́n yan example.com nítorí pé àwọn tó ń bójú tó orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì ti yà á sọ́tọ̀ láti 1999 fún àpẹẹrẹ nìkan. Bí sáfà ìdánwò bá ṣèèṣì fi ímeèlì ránṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọn kò fọwọ́ kan id, torí òun ló so oníbàárà mọ́ owó tó san nínú tábìlì mìíràn. Bó bá yí padà níhìn-ín tí kò yí padà lọ́hùn-ún, ìdánwò ò ní yọrí sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n kàn nù kúrò pátá, nítorí àwọn èèyàn máa ń kọ nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì sáàárín ọ̀rọ̀, kò sì sí òfin tó lè wá gbogbo rẹ̀ rí.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi òpó tuntun kún tábìlì tí kò sì sọ fún ẹni tó ń pa ojú ẹ̀dà dà. Òpó tuntun á gba ẹ̀yìn kọjá pẹ̀lú ìwífún tòótọ́ nínú. Ọgbọ́n tó dára ni kí wọ́n kọ oníbàárà kan tí kò sí níbi kankan sínú àká tòótọ́, kí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ ṣàjèjì, kí wọ́n sì wá a nínú gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n bá ṣe. Bí wọ́n bá rí i, kí ẹ̀dà náà má kúrò níbẹ̀.

Patreon gbé àwọn sáfà ìdánwò rẹ̀ sẹ́yìn odi ààbò lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Òfin ààbò ìwífún tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 dárúkọ ìtìpa àti ìyọ-orúkọ-kúrò lára ohun tó yẹ kí ilé iṣẹ́ lò, ó sì fún wọn ní wákàtí 72 péré láti fi tó àjọ NDPC létí bí ìwífún bá jáde lọ́nà tó lè pa àwọn èèyàn lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò, ẹ lọ wo sáfà ìdánwò yín lónìí. Bí ẹ bá rí orúkọ oníbàárà tòótọ́ kan níbẹ̀, ẹ nu ẹ̀dà náà kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.