Ogún Ó Lé Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Kọ Iye Owó Kó Má Dìjà

Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé báyìí: "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ó lé mẹ́ta náírà." Èló ni? Ẹnì kan á ní ₦23,000 ni, torí pé ogún ó lé mẹ́ta ló gbọ́, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ẹlòmíràn á ní ₦20,003 ni, torí pé létí tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ti parí kí mẹ́ta tó wọlé. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ Yorùbá, kò sì sí èyí tó ṣì í gbọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ọlọ́jà á kàn tún un sọ, ọ̀rọ̀ á tán. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí rìsíìtì ni, ẹni tó kọ ọ́ ti lọ sílé.

Ìdí tí a fi ń kọ iye owó lẹ́ẹ̀mejì, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, ni pé nọ́ńbà rọrùn láti yí. Ìlà kékeré kan á sọ 1 di 7, òdo kan ṣoṣo á sọ 5000 di 50000 bí àyè bá wà. Òfin tó ń darí ṣẹ́ẹ̀kì mọ èyí dáadáa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe é ní 1882, ti Nàìjíríà sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí iye tó wà ní ọ̀rọ̀ bá yàtọ̀ sí iye tó wà ní nọ́ńbà, ti ọ̀rọ̀ ni owó tí a ó san. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ dé báńkì, ẹ má retí pé kaṣíà á jókòó dá ẹjọ́ náà. Yóò dá a padà fún yín ni, pẹ̀lú àlàyé pé ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà kò bára mu, ẹ ó sì tún gbọ̀nà ilé ẹni tó kọ ọ́. Òfin wà fún ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù. Báńkì ní tirẹ̀ kò fẹ́ kó débẹ̀ rárá.

Ní Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì la sábà ń fi kọ ṣẹ́ẹ̀kì, láti 2010 sì ni ṣẹ́ẹ̀kì tó bá ju mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ kò ti lè gba àárín báńkì sí báńkì kọjá mọ́. Ibi tí Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ owó gan-an ni rìsíìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé àdéhùn ilẹ̀, ìwé gbèsè láàárín ẹbí, àti ínfọ́ìsì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Níbẹ̀, kò sí kaṣíà tó máa dá ìwé padà. Àṣìṣe tó bá wọbẹ̀ á wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ìjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ínfọ́ìsì kan. Ká ní ilé ìwé kan ní kí káfíńtà kan tó ti forúkọ sílẹ̀ fún owó orí ṣe ogún àga ní ₦6,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti tábìlì mẹ́rin ní ₦21,075 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àga jẹ́ ₦130,000, tábìlì jẹ́ ₦84,300, àpapọ̀ rẹ̀ ₦214,300. Owó orí ọjà tí à ń pè ní fáàtì jẹ́ náírà méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦16,072.50. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦230,372.50.

Wàhálà àkọ́kọ́ ti wà lójú kakulétọ̀ kí a tó mú bírò. Ohun tí yóò hàn lójú rẹ̀ ni 230372.5, torí pé kakulétọ̀ máa ń gbé òdo ìparí jù nù. Ẹni tí kò bá fura á rí 5 yẹn, á sì kọ "kọ́bọ̀ márùn-ún." Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni .05, kì í ṣe .5. Àyè méjì ni kọ́bọ̀ ń gbà lẹ́yìn àmì, nígbà gbogbo, bí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ òdo. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń na kọ́bọ̀ lọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n fáàtì àti èlé báńkì kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀. Akọ̀wé tó ń kánjú á kọ ọ́ pé: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé ọgbọ̀n, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìléláàádọ́rin náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀." Létí, ó dùn. Lójú ẹni tó fẹ́ rí owó dín, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni 200,000, ó lé ọgbọ̀n ni 30, ó sì tún lé 372. Ó ti di ₦200,402.50 nìyẹn, káfíńtà sì ti pàdánù ₦29,970 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé.

Ohun méjì ló ń tún un ṣe. Èkíní, iye ẹgbẹ̀rún gbọ́dọ̀ so pọ̀ di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, kí kékeré ṣáájú ńlá: mẹ́tàlélógún, kì í ṣe ogún ó lé mẹ́ta, ọgbọ̀nlénígba, kì í ṣe igba ó lé ọgbọ̀n. Bí ẹ bá ti sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀nlénígba, ọgbọ̀n kò lè já bọ́ kúrò lára igba mọ́. Èkejì, ẹ fi náírà ṣe ọgbà. Ibi tí ẹgbẹ̀rún bá parí sí, ẹ kọ náírà síbẹ̀, kí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn má lè fò padà. Ínfọ́ìsì náà á wá kà báyìí:

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀nlénígba náírà, ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé náírà méjìléláàádọ́rin, àti àádọ́ta kọ́bọ̀ péré."

Náírà wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olùkọ́ Yorùbá lè sọ pé ó ti pọ̀ jù. Ó pọ̀ jù fún àròkọ lóòótọ́, kò pọ̀ jù fún ínfọ́ìsì. Bó bá sì jẹ́ ₦20,003 lẹ fẹ́ kọ, "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, àti náírà mẹ́ta péré" ni, ìjà tí a fi bẹ̀rẹ̀ sì ti parí.

Àgbàlagbà tó mọ ìṣirò àtijọ́ dáadáa kò ní kọ 372 bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn. Òjìdínnírinwó ó lé méjìlá ni yóò sọ: irinwó, kí a yọ ogójì, kí a fi méjìlá kún un. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Síbẹ̀, n kò ní fi kọ rìsíìtì, nítorí pé ẹni tó máa kà á ní láti yọ, kó tún fi kún, kó tó mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó sì ń ṣe akọ̀wé owó lónìí kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Inú ìṣirò àtijọ́ yìí náà ni ọ̀fìn tó jìn jù lọ wà. Ẹgbẹ̀ta ni 600, ẹgbàáta ni 6,000. Ẹgbẹ̀rin ni 800, ẹgbàárin ni 8,000. Ẹgbẹ̀rún ni 1,000, ẹgbàárùn-ún ni 10,000. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀: igba-igba là ń kà nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ẹgbàá-ẹgbàá, ìyẹn 2,000, là ń kà nínú àwọn ti ìkejì, bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ tí ẹgbàá mẹ́wàá fi ń di ọ̀kẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìlọ́po mẹ́wàá gan-an ló máa ń jẹ́ ìyàtọ̀ wọn. Tí a bá wá fi fóònù tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, "egberun" àti "egbaarun" ni yóò hàn, fáwẹ̀lì díẹ̀ ló sì dúró láàárín ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Nínú ìwé owó, ẹ fi ẹgbàá sílẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá: kò sí ẹni tó lè ṣi èyí kà.

Dín àti lé náà ń fẹ́ ojú tó mọ́lẹ̀. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni 95, márùnlélọ́gọ́rùn-ún ni 105. Bí bírò bá fà láàárín ọ̀rọ̀ náà tí ẹgbẹ̀rún sì wà níwájú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ló sọnù sínú fífà yẹn. Ibí yìí ni nọ́ńbà ti ń san ẹ̀san fún ọ̀rọ̀: ẹni tí kò bá lè ka èyí tí ẹ kọ á wo inú àpótí nọ́ńbà, á sì rí 95 níbẹ̀.

Ẹ wá wo bí oníjìbìtì ṣe ń ronú. Ẹ fún un ní rìsíìtì tí wọ́n kọ "₦ 3,000" sí, àyè díẹ̀ wà láàárín àmì náírà àti 3. Ìlà ọ̀rọ̀ kà pé "ẹgbẹ̀rún mẹ́ta," àyè tún wà, kí náírà tó tẹ̀ lé e. Yóò ki 2 bọ àyè ti òkè, yóò fi "lélógún" kún mẹ́ta nísàlẹ̀. Ó ti di ₦23,000 ní nọ́ńbà, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún náírà ní ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì bára mu régí, débi pé òfin 1882 kò ní rí nǹkan kan bá a wí. Apá ọ̀tún ni nọ́ńbà Yorùbá ti máa ń gùn sí i: mẹ́rin ń di mẹ́rìndínlógún, márùn-ún ń di márùndínlọ́gbọ̀n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sàn jù ú lọ, lẹ́tà méjì péré ló ń sọ mẹ́fà wọn di ọgọ́ta.

Nítorí náà, àmì náírà gbọ́dọ̀ fara kan nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí òsì ìlà náà, lẹ́tà ńlá ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fi nǹkan ṣíwájú rẹ̀. Náírà gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye tó ń tẹ̀ lé tàbí tó ṣáájú rẹ̀. "Péré" ló ń ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ fa ìlà gbọọrọ dé etí ọ̀tún ìwé. Tí kò bá sí kọ́bọ̀, ẹ kọ òdo méjì sí ẹ̀yìn nọ́ńbà. Òpó kọ́bọ̀ tó bá ṣófo nínú ìwé rìsíìtì jẹ́ àyè fún ẹlòmíràn láti kọ tirẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fi ọwọ́ bo àpótí nọ́ńbà, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún ẹlòmíràn tí kò mọ iye owó náà, kó fi nọ́ńbà kọ ohun tó gbọ́ sórí bébà ọ̀tọ̀. Bí ohun tó kọ bá bá ti inú àpótí mu, ẹ fọwọ́ sí i. Bí kò bá bá a mu, ẹ má ṣe tẹ bírò mọ́ ọn láti tún un ṣe. Ẹ fa ìlà méjì gba àárín ewé náà, ẹ kọ "A fagi lé e" sí i, ẹ fi sílẹ̀ nínú ìwé rìsíìtì kí nọ́ńbà ewé má baà fò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ewé tuntun.